Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ kí ìbéèrè ìtàn béèrè ìtumọ̀ mọ́?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Olórí ẹ̀ka wa dá ìbéèrè ìdánwò tí mo kọ padà fún mi. Ohun tí mo béèrè ni pé: Kí ni àdéhùn? Kí ni ìtumọ̀ òwò tó bófin mu? Ta ni Kòsọ́kọ́? Wọ́n ní kí n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n kọ èyí tí ọmọ yóò ti mú àpẹẹrẹ àdúgbò wá, tí yóò sì ṣe ìdájọ́, pé ìyẹn ni ìjíwèé kò fi ní rí àyè. Kò yé mi. Ṣé ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè ṣe ìdájọ́ ni? Àti pé báwo ni orúkọ Ẹ̀pẹ́ nínú ìbéèrè ṣe fẹ́ dá ọmọ tó ní fóònù lápò dúró?

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Olórí ẹ̀ka yín sọ òótọ́, kò sì le rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ìdáhùn lórí Wásáàpù ni kò mọ ìlú wa rí. Ẹ ṣáà ti orúkọ àdúgbò bọ inú ìbéèrè. Níbí, mo máa ń béèrè pé: Abẹ́ igi wo ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní 1842? Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ parí? Dárúkọ erékùṣù tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun. Ọmọ tí kò gbé Àgbádárìgì kò lè dáhùn rẹ̀. Ó tán.

Fọ́tókọ́pì Ẹ̀bá Ọ̀nà

Ọ̀gá mi, kò tíì tán o. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ilé ìwé. Tí ìdánwò bá ku ọ̀la, àwọn ọmọ á kó ìwé wá pé kí n bá àwọn dín lẹ́tà rẹ̀ kù títí ojú ìwé kan yóò fi wọ àtẹ́lẹwọ́. Mo máa ń lé wọn, wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Ohun tí wọ́n ń gbé wá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: ìtumọ̀ ni, ọdún ni, orúkọ ni. "Igi Àgíà. 1845. Gbẹrẹfú." Ìdáhùn sí ìbéèrè yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé nínú ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tó jókòó sí Sókótó lè tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó pín ìwé tán nínú họ́ọ̀lù. Mi ò tíì rí ọmọ tó gbé "kí nìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀" wá pé kí n bá òun dín in kù.

Olùkọ́ Àgbà Ìkòròdú

Ẹ ṣeun, Fọ́tókọ́pì. Ẹ ti bá mi sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Tíṣà, ohun tó jẹ́ kí ìtumọ̀ rọrùn láti jí ni pé ìdáhùn kan náà ló tọ́ fún gbogbo ọmọ. Ẹnì kan mọ̀ ọ́n, ogójì ọmọ kọ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ sì ń máàkì kò ní rí nǹkan kan tọ́ka sí. Bí gbólóhùn wọn bá bára mu délẹ̀délẹ̀, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà nínú ìwé, òótọ́ sì ni. Ẹni tó kàwé àti ẹni tó jíwèé gba máàkì kan náà, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí ọmọ yan ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó mú ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ gbè é, kí ó sì sọ bí ohun náà ṣe gbè é, ìdáhùn méjì tó bára mu ti di ẹ̀rí. Kò sí bí ọmọ méjì ṣe máa yan ohun kan náà, kí wọ́n ro ó bákan náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan náà.

Ibi tí Ọmọ Àgbádárìgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ àdúgbò ló ń dènà olè. Orúkọ igi àti ọdún tí wọ́n kọ́lé, àkọ́sórí ṣì ni. A kàn gbé àkọ́sórí kúrò nínú ìwé wá sí ilé ni. Ibi tí ọmọ ti so àpẹẹrẹ mọ́ ìdí ni kò ṣe é fi ránṣẹ́, torí ẹni tó wà níta kò mọ èyí tí ọmọ yóò yàn.

Ẹ tún béèrè bóyá ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ lè ṣe ìdájọ́. Kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá gba ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí á tó mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ òkodoro ọ̀rọ̀ sórí ìwé ìbéèrè fún un. Ohun tó ti wà níwájú gbogbo ènìyàn, ta ló fẹ́ jí i wọlé? Ẹ jẹ́ kí n fi Kòsọ́kọ́ yín ṣe é.

"Ní ìparí 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó, ó sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, ó bá Kọ́ńsùlù Campbell ṣe àdéhùn. Ó gbà pé òun kò ní wá ọ̀nà láti gba Èkó mọ́ àti pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀. Wọ́n gbà fún un pé èbúté òwò rẹ̀ ni Palma àti Lẹ́kkí. Ta ni àdéhùn yìí ṣe láǹfààní jù: Kòsọ́kọ́, Dòsùnmú tó wà lórí ìtẹ́ ní Èkó, tàbí oníṣòwò epo pupa ní Ẹ̀pẹ́? Mú ìdí méjì wá, kí ọ̀kan jẹ́ ohun tí o fojú rí tàbí tí wọ́n sọ fún ọ níbi tí o ń gbé. Lẹ́yìn náà, sọ ohun kan tó lè mú kí ẹlòmíì takò ọ́."

Máàkì mẹ́wàá ni. Kò sí máàkì fún ẹni tí ọmọ yàn, ẹ sọ ìyẹn fún wọn ṣáájú. Ìdí tó ti inú ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé wá gba mẹ́ta. Àpẹẹrẹ àdúgbò gba ẹyọ kan péré tí ó bá dá dúró, ó gba mẹ́rin tí ọmọ bá so ó mọ́ àdéhùn náà. Ọ̀rọ̀ alátakò gba mẹ́ta. Ọmọ tó bá kọ "Àdéhùn ni ìfohùnṣọ̀kan láàárín ìhà méjì" kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo fẹ́ kọ máàkì rẹ̀ sí.

Ẹ wá wo ọmọ tó ronú. Ó lè mú oníṣòwò epo. Á ní Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà, Lẹ́kkí wà ní òdì kejì lápá òkun, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó ẹrù láàárín wọn. Ẹni tó bá ní èbúté ní Palma lè ta epo fún àwọn òyìnbó láìgba Èkó kọjá, torí náà kò ní san owó ibodè fún ẹnikẹ́ni ní Èkó. Tó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ń gbé ẹja wá sí ọjà Ẹ̀pẹ́, tó sì mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbà kọjá, àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mìíràn lè mú Kòsọ́kọ́, kí ó sọ pé ẹni tí wọ́n lé lórí ìtẹ́ ni wọ́n tún ń bá ṣe àdéhùn bí ọba, kí ó sì fi àdúgbò Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣe ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ rí ibi jókòó sí. Alátakò rẹ̀ á dáhùn pé ní 1863 Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ gbé Palma àti Lẹ́kkí lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, kí wá ni èrè rẹ̀? Ọmọ méjèèjì lè gba mẹ́sàn-án. Èwo ni àwọn tó wà níta fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ nínú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí kún un. A lo ìbéèrè tó jọ ìyẹn ní ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí lápá Ẹ̀pẹ́. Ọmọkùnrin kan kọ ìdáhùn tó dára gan-an, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, ó sì ní ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àfi ìgbà tó dé ibi àpẹẹrẹ àdúgbò tó kọ ọ́ pé: "Bí àpẹẹrẹ, ní Èbúté Ìkòròdú tí mò ń gbé." Ẹ̀yìn ọjà Ẹ̀pẹ́ ni ilé wọn wà. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Ìkòròdú. A ò tiẹ̀ jà. Mo pè é, mo ní kó sọ ọ̀nà tó ń gbà dé etí omi láti ilé wọn. Ó wolẹ̀.

Bàbá Káfáyà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àwa òbí láyè. Ọ̀rọ̀ àdúgbò tí ẹ ń sọ yìí ni wọ́n fi fìyà jẹ ọmọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá, a kò tíì pẹ́ ní Ìkòròdú. Wọ́n ní kí wọ́n mú àpẹẹrẹ ibi ààbò ìlú láyé ogun, Káfáyà kọ nípa odi Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá mi máa ń sọ fún un. Wọ́n fún un ní òdo, wọ́n ní Ìkòròdú ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣé ọmọ tó kó wá láti ìlú mìíràn kì í ṣe ọmọ ni? Ẹ padà sí ìtumọ̀, kí gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Tàbí ẹ̀yin ń fẹ́ kí a máa kọ́ wọn ní oríkì ìlú onílùú?

Olùkọ́ Àgbà Ìkòròdú

Bàbá Káfáyà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tó máàkì ìwé ọmọ yín ló ṣì í. Tí ìbéèrè bá sọ pé "níbi tí o ń gbé tàbí tí o ti gbé rí," odi Ògbómọ̀ṣọ́ tọ́, ó tiẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ lọ, torí Káfáyà ní ẹni tó sọ ọ́ fún un, kò sì sí ẹlòmíì nínú họ́ọ̀lù tó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi ń béèrè ohun tí ọmọ mọ̀ gan-an nìyẹn. Òdo kọ́ ló yẹ kí wọ́n fún un. Ó yẹ kí wọ́n wò ó bóyá ó sọ ohun tí odi náà ṣe fún ìlú, àti ohun tí kò lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín fi ibi tó dùn wá hàn. Ìbéèrè tó bá dá lórí ohun tí wọn kò kọ́ ní kíláàsì, tí kò sì sí lórí ìwé, ọmọ ilẹ̀ ló ń gbè. Kì í ṣe ìmọ̀ ìtàn ni irú rẹ̀ ń wọ̀n, ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ló ń wọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́ béèrè nípa Ìkòròdú, ẹ kọ́ gbogbo wọn ní Ìkòròdú ná. Bí àpẹẹrẹ, kí gbogbo kíláàsì ti mọ̀ pé Ẹ̀gbá dó ti ìlú yìí nítorí ọ̀nà òwò tó lọ sí Èkó, àti pé Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì rán ọmọ ogun wá lé wọn ní oṣù Kẹta 1865. Nígbà náà, ẹni tó dé lánàá àti ọmọ onílé jọ ní ohun tí wọ́n fẹ́ rò.

Ẹ tún wo àǹfààní mìíràn nínú 1865 yẹn. Tí ẹ bá lo ìbéèrè kan lọ́dún yìí, wọ́n á ti tà á kí èyí tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ má yí òkodoro ọ̀rọ̀ padà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kí ẹ yí. Lọ́dún yìí, ọmọ yóò ṣe ìdájọ́ bí ará Ìkòròdú tí wọ́n dó tì: ṣé ó yẹ kí a ké sí Èkó fún ìrànlọ́wọ́, nígbà tí a kò mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yóò gbà lọ́wọ́ wa lẹ́yìn rẹ̀? Lọ́dún tó ń bọ̀, yóò ṣe é bí oníṣòwò Ẹ̀gbá tó rí i pé òwò ń gba ẹ̀yìn òun lọ sí Èkó. Ìdáhùn ti èṣí kò ní bá ti ọdún yìí mu, ẹni tó bá sì há a sórí wá ni yóò fi ara rẹ̀ hàn.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀, bàbá, àmọ́ mo ṣì rò pé orúkọ wúlò. Ẹ bá mi tún ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe kí n rí i.

Olùkọ́ Àgbà Ìkòròdú

Ẹ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, ẹ mú ẹni tó gbé ìlú náà rí. Akíntóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé ní 1845, padà wá fi Àgbádárìgì ṣe ibùgbé. Àwọn míṣọ́nnárì wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò òyìnbó wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì fẹ́ kí ó padà sórí ìtẹ́. Ó padà lóòótọ́ ní ìparí 1851. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Àgbádárìgì? Èkó ṣí sílẹ̀, òwò àti míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ síbẹ̀, Àgbádárìgì sì rọ̀. Ẹ kọ ìyẹn sórí ìwé, kí ẹ wá béèrè pé: "Bí o bá jẹ́ ẹni tó ń yá àwọn òyìnbó nílé ìkẹ́rùsí ní Àgbádárìgì ní 1851, ṣé ìwọ yóò gbè sẹ́yìn Akíntóyè? Ohun tí o lè mọ̀ nígbà yẹn nìkan ni kí o fi dáhùn. Mú ohun kan ní ìlú náà lónìí tó fi hàn pé ó ti rí ayé ju báyìí lọ rí."

Ẹ rí gbólóhùn "nígbà yẹn nìkan" yẹn? Òun ló lágbára jù níbẹ̀. Ọmọ tó jíwèé á kọ ọ́ pé kò ní gbè é torí òwò yóò kó lọ sí Èkó. Ta ló sọ fún un ní 1851? Ẹni tó ronú á sọ pé òun kò lè mọ̀, pé ohun tó hàn sí òun ni pé tí Akíntóyè bá wọlé, òun yóò ní ọ̀rẹ́ lórí ìtẹ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín lè wọlé níbi àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ wúlò níbẹ̀, torí ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìyá Ìbejì

Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò máàkì rẹ̀? Ìtumọ̀, mo lè máàkì kíláàsì kan kí iná tó lọ. Èyí, ojú ìwé kan àbọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kíláàsì márùn-ún. Èmi àti ẹnì kejì mi máàkì ìwé kan náà, mo fún un ní mẹ́jọ, ó fún un ní mẹ́rin. Ó ní ọmọ náà rí Ọba fín. Èmi ní ó ronú. Tí òbí bá wá béèrè, kí la fẹ́ sọ? WAEC náà ṣì ń béèrè ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ rántí. Bí a bá lo ọdún mẹ́ta lórí ìdájọ́ nìkan, a ó ṣe wọ́n níbi.

Olùkọ́ Àgbà Ìkòròdú

Ti WAEC, òótọ́ ni, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ pa ìrántí tì. Ẹ fi sí ìdánwò kékeré inú kíláàsì, níbi tí ẹ ti ń wo ojú wọn, kí ìbéèrè ìdájọ́ wà fún ìdánwò tí wọ́n ń torí rẹ̀ jíwèé.

Ti mẹ́jọ àti mẹ́rin, ẹ jókòó pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì máàkì ìwé bíi mẹ́fà kan náà láìfi han ara yín, kí ẹ wá jiyàn lórí ibi tí ẹ ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ẹnì kan ń máàkì ohun tí ọmọ gbà gbọ́, tí ẹnì kejì sì ń máàkì bó ṣe gbè é. Rírí Ọba fín kò sí nínú ìwé ìmáàkì wa. Ṣùgbọ́n lórí àkókò, mi ò ní oògùn rẹ̀. Èmi a máa fi ìbéèrè kan rọ́pò mẹ́rin, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀.

Fọ́tókọ́pì Ẹ̀bá Ọ̀nà

Bàbá, ẹ má bínú, wọn ò ha ní bẹ̀rẹ̀ sí ta àpẹẹrẹ àdúgbò náà bí? Mo ti ń rí ìwé kan tí wọ́n pè ní ìdáhùn àwòkọ, ó ní "ìyá àgbà mi sọ fún mi pé" nínú.

Olùkọ́ Àgbà Ìkòròdú

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbéèrè òun ti gbó, kí ó gbé e fún olùkọ́ mìíràn tí kò gbé ìlú náà, tí kò sì kọ́ ìtàn, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kí ó fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Tí ó bá gba ju ìdajì lọ, ìbéèrè náà kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ti "ìyá àgbà mi" yẹn, tí ó bá wà nínú ìwé ọmọ mẹ́jọ, ẹ béèrè bóyá ọmọ ìyá ni wọ́n.

Tíṣà Ẹ̀pẹ́

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún un kọ: "Ní 1862 wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó. Ọ̀ṣódì Tápà tó jẹ́ olórí ogun rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ bá a lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Àwọn mìíràn dúró sí Ẹ̀pẹ́. Bí o bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣé wàá lọ tàbí wàá dúró? Sọ ohun tí wàá pàdánù níhà méjèèjì, kí o sì mú ohun kan tí o mọ̀ níbi tí o ń gbé tàbí tí o ti gbé rí láti fi gbè é."

Mo fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó rí ìtàn Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lójú ẹsẹ̀, ó kọ ojú ìwé kan, máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni mo rí fún un.

Bàbá Káfáyà

Ṣé Káfáyà lè fi kíkó tí a kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ dáhùn èyí?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́

Ó lè ṣe é, sà, tí ó bá ti sọ bí kíkó yín ṣe jọ tiwọn àti ibi tí kò ti jọ ọ́.

Ìyá Ìbejì

Mẹ́ta tí ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín, èmi ì bá fún un ní márùn-ún. Ẹ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ síbí pẹ̀lú ìwé ìmáàkì yín kí ẹ tó lò ó fún ọmọ ẹnikẹ́ni.